Ibi Tí Àṣìṣe Ẹ̀rọ Máa Ń Gbà Nínú Fíìmù Kátúùnù

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2023, Netflix ti ilẹ̀ Japan gbé fíìmù kátúùnù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Inu to Shōnen, ìyẹn Ajá àti Ọmọkùnrin. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. WIT Studio, tí òkìkí wọn ti kàn káyé nítorí Attack on Titan, lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rinna, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá. Ìtàn náà kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń kọjá ní ìparí fíìmù ló dá a sílẹ̀. Níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó kun àwòrán ẹ̀yìn wà, AI ni wọ́n kọ, wọ́n wá fi àmì ìròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ènìyàn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ènìyàn wo? Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Netflix ti sọ pé àìtó òṣìṣẹ́ ló mú kí àwọn dán an wò. Àwọn ayàwòrán dá wọn lóhùn pé owó iṣẹ́ ni kò tó, pé òṣìṣẹ́ ò wọ́n.

Mo gbè sẹ́yìn àwọn ayàwòrán nínú ìjà yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú fíìmù náà tí ariwo bò mọ́lẹ̀, òun ló sì wúlò jù fún ẹni tó bá ń ṣe kátúùnù lónìí. Wọ́n fi ìpele mẹ́rin tí àwòrán ẹ̀yìn kan là kọjá hàn. Ènìyàn kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya bí gbogbo nǹkan ṣe máa tò. Ẹ̀rọ gbà á, ó kùn ún. Ẹ̀rọ tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un kùn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ènìyàn padà síbẹ̀ láti tún ohun tí kò bójú mu ṣe. Ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà ló parí ẹ.

Kí ló dé tó jẹ́ àwòrán ẹ̀yìn ni wọ́n yàn, tí kì í ṣe ajá náà fúnra rẹ̀, tàbí ìrìn ọmọ náà? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn á mọ ohun tó lè gbé fún ẹ̀rọ àti ohun tí kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ kí n tò ó ní ṣókí. Ìtàn la ó kọ́kọ́ kọ. A ó ya sítórìbọ́ọ̀dù, ìyẹn àwòrán ṣákálá tó ń sọ ohun tí kámẹ́rà máa rí ní ṣọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan. A ó gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, a ó sì to àwòrán ṣákálá wọ̀nyí mọ́ ohùn náà ká lè mọ bí ṣọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ṣe máa pẹ́ tó. Ìgbà náà ni ayàwòrán àgbà á ya àwọn àwòrán òpó: ìgbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ìgbà tó dé òkè, ìgbà tó balẹ̀. Àwọn mìíràn á wá ya àwọn àwòrán àárín tó so òpó kan mọ́ èkejì. Àwọn kan á fa ìlà mọ́, wọ́n á fi àwọ̀ kún un, àwọn tó ń kun ẹ̀yìn á ti máa kun tiwọn lọ, títí a ó fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká fi àlọ́ Ìjàpá kan ṣe àpẹẹrẹ, fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́ta tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin fẹ́ ṣe nínú yàrá kan ní Ìbàdàn. Fírémù 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́ta á gba fírémù 4,320. Kò sí ẹni tó máa ń ya gbogbo ìyẹn fún irú iṣẹ́ báyìí. Àwòrán kan la máa ń fi fún fírémù méjì, nítorí náà ó ku 2,160 fún ẹ̀dá kan ṣoṣo bí kò bá yéé mira. Bí ṣọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan bá ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ṣọ́ọ̀tù 36 ni fíìmù náà máa ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá kan náà, tó fi jẹ́ pé àwòrán ẹ̀yìn bí 20 lè tó fún gbogbo iṣẹ́.

Ẹni tó bá wo 2,160 àti 20 báyìí, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. Á ní kí ẹ̀rọ bá òun ya àwọn àwòrán àárín, kí òun máa fi sùúrù kun ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, bí ẹ̀rọ bá ṣe àṣìṣe níbí yìí, níbo ni àṣìṣe náà máa gbà?

Àwòrán ẹ̀yìn kan máa ń dúró lójú kan fún ṣọ́ọ̀tù kan odindi. Bí ẹ̀rọ bá ya fèrèsé tí kò ní férémù, tàbí tó ya òpó ilé tí kò kanlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó mú búrọ́ọ̀ṣì láti tún un ṣe, gbogbo fírémù 120 inú ṣọ́ọ̀tù náà á sì tọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Àṣìṣe dúró síbi tó wà, ó ń dúró dè yín. Àwòrán àárín kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í lò ju ìdá kan nínú ìdá 12 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn ti dé, àṣìṣe ti èyí kì í sì í bá ti ìkejì dọ́gba. Òǹwòran ò ní rí àṣìṣe kankan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó máa rí ni pé nǹkan kan ń gbọ̀n lójú òun, kò sì ní mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tún un ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó tún gbogbo wọn yà.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀tù kan péré. Ìyá àgbà kan jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní àbàjà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ohùn Ìjàpá lẹ́yìn ilé, ó sì yí orí láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ ya òpó méjì, ọ̀kan tó kọjú sósì, ọ̀kan tó kọjú sọ́tún, ẹ kó o fún irú ẹ̀rọ tó máa ń hùmọ̀ àwọn àwòrán tó wà láàárín méjì. Ojú ìyá náà á yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, àbàjà mẹ́ta á di mẹ́rin, méjì nínú wọn á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á yọ̀ dànù bí ojú ṣe ń kọjú síwa, wọ́n á wá tún padà di mẹ́ta kí orí tó dúró. Ẹni tí kò mọ ilà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà ń dán. Ẹni tó bá mọ ọ́n á rí i pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ti kọ ilà tuntun fún ìyá àgbà, wọ́n sì ti pa á rẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kì í ka nǹkan. Kò mọ̀ pé ilà mẹ́ta ni. Ohun tó kọ́ láti inú àìmọye àwòrán tí wọ́n fi hàn án ni irú àwọ̀ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àwọ̀ mìíràn, inú ojú àwòrán tó rú pọ̀ bí eruku ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìlà tóóró tó wà lára awọ fún un jẹ́ irú ohun tó ṣeé ṣe kó wà níbí, kò sì bìkítà bóyá ọ̀kan lé tàbí ọ̀kan dín. Ohun tó ṣe ilà náà ló máa ṣe aṣọ àdìrẹ tó bá ní àmì wẹ́wẹ́, òun náà ló máa ṣe okùn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ìka ọwọ́. Ohunkóhun tí iye rẹ̀ bá ṣe pàtàkì lára ẹ̀dá tó ń mira, ẹ fura sí i.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀tù kan ti bàjẹ́ báyìí, ẹ má wo ó bí òǹwòran ṣe ń wo fíìmù. Ẹ fi ìka tẹ fírémù kọ̀ọ̀kan lọ síwájú, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà, kí ojú yín má kúrò lójú ibì kan ṣoṣo, bóyá etí ìyá náà, bóyá ìkángun gèlè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ẹ yan ibòmíràn, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tó bá ń wo gbogbo àwòrán pọ̀ máa ń dárí jì í. Ojú tó bá dúró síbì kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ti ilà: ẹ ya ojú náà láìní ilà, kí ẹ̀rọ ṣe àárín rẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ya ilà sórí ìpele ọ̀tọ̀ tó wà lókè ojú náà. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́fà lórí àwòrán 12 kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ.

Ilà ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kejì, ìyẹn ni àkókò. Nígbà tí ayàwòrán àgbà bá fi òpó méjì lélẹ̀, ó máa ń fa ìlà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tó ń sọ ibi tí àwòrán àárín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sí: mẹ́ta kí wọ́n sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kí orí lè lọ́ra gbéra, ọ̀kan ṣoṣo láàárín kó lè já wìì, méjì sún mọ́ òpin kó lè balẹ̀ pẹ̀lẹ́. Orí ìyá àgbà ò sì ní yí gbọọrọ. Ó máa ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín, kó tó gòkè padà. Ẹ̀rọ tó gba òpó méjì nìkan ò rí ìlà ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn. Yóò pín ọ̀nà náà lọ́gbọọgba, orí á sì máa lọ láti òsì sí ọ̀tún bí igbá tí omi ń gbé lọ. Kò sí àṣìṣe tẹ́ ẹ lè fi ìka tọ́ka sí. Ara ìyá náà kàn ti fúyẹ́ ni.

Wọ́n fi ohun tí mò ń sọ yìí hàn kedere nínú fíìmù Spider-Man: Into the Spider-Verse tó jáde lọ́dún 2018. Nígbà tí Miles ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń fò láti igi dé igi, àwòrán kan fún fírémù méjì ni wọ́n fi ń gbé e rìn. Peter tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, àwòrán tuntun ló ń gbà ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì wà nínú ṣọ́ọ̀tù kan náà. Òǹwòran ò ní mọ ìdí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á sọ fún un pé ọ̀kan ń ta gọ̀ọ̀gọ̀, èkejì ń ṣàn. Ẹ kó ṣọ́ọ̀tù yẹn fún ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán àárín dí gbogbo àlàfo kí fíìmù lè dán mọ́rán. Miles á ṣàn bí Peter, ìtàn inú ìrìn wọn á sì pòórá. Àwọn tó máa ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ kátúùnù àtijọ́ di fírémù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń rò pé àwọn ń tún un ṣe. Àlàfo tí wọ́n ń dí yẹn, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀.

Síbẹ̀ fíìmù yìí kan náà ló kọ́ mi pé kò yẹ ká lé ẹ̀rọ kúrò pátápátá lára ẹ̀dá tó ń mira. Àwọn ará Sony Pictures Imageworks tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fẹ́ kí ojú àwọn ẹ̀dá náà ní ìlà bí èyí tí wọ́n ń fi yíǹkì fà nínú ìwé kómíìkì: ìlà iwájú orí, ìlà ẹ̀gbẹ́ imú, ìlà tó ń yọ nígbà tí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán fi ọwọ́ fa àwọn ìlà náà. Láti ara ohun tí ọwọ́ ti fà ni ẹ̀rọ ti kọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n bọ́ sí bí ojú bá yí padà, tí yóò sì dábàá rẹ̀ fún ayàwòrán. Bó bá tọ́, ayàwòrán á gbà á. Bí kò bá tọ́, á fà á síbi tó yẹ.

Kí ló mú kí èyí yàtọ̀ sí ti ìyá àgbà wa? Àṣìṣe lè bọ́ sí fírémù èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ẹ̀rọ dá padà. Lọ́dọ̀ Imageworks, ìlà ni ẹ̀rọ dá padà, ìlà tó dá dúró, tí ọwọ́ lè mú níkángun kó sì sún un. Lọ́dọ̀ tiwa, àwòrán pẹlẹbẹ ni ó dá padà, tí awọ, ilà, gèlè àti òjìji ti lẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí ọwọ́ lè dì mú. Nítorí náà, lẹ́yìn ìbéèrè ibi tí àṣìṣe máa gbà, ìkejì tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ohun tí ẹ̀rọ máa gbé fún mi yìí, ṣé mo lè tú u? Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi fífi àwọ̀ kún inú ìlà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láìjanpata. Ìlà jẹ́ tèmi, àwọ̀ wà lórí ìpele tirẹ̀, bó bá fi àwọ̀ apá kun àtẹ́lẹwọ́, títẹ̀ kan ló máa gbà láti dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwòrán ẹ̀yìn, nítorí pé mo ti ń sọ ọ́ bíi pé kò ní ewu. Ó ní. Ẹni tó bá kàn kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ pé kó ya abúlé ilẹ̀ Áfíríkà fún òun, ahéré roboto oníkoríko lẹ̀rọ náà máa kó fún un, nínú pápá gbígbẹ, pẹ̀lú igi kan tó dá dúró lókè. Bẹ́ ẹ tilẹ̀ kọ Yorùbá kún un, kò dájú pé ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ ahéré náà. Agbo ilé wa kì í ṣe roboto: igun mẹ́rin ló ní, àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó yí i ká, páànù tó ti dípàtà ló sì wà lórí púpọ̀ nínú wọn láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọgbọ́n tí ìpele mẹ́rin inú fíìmù Ajá àti Ọmọkùnrin yẹn kọ́ wa ni pé kí ọwọ́ ya ètò ilé náà kí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Ẹ lọ sí agbo ilé gidi, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fúnra yín, ẹ fi pẹ́ńsù fa ògiri, òpó, àti ẹnu ọ̀nà sórí ìwé, ẹ sọ ibi tí oòrùn ti ń bọ̀. Ètò yẹn ni kí ẹ̀rọ kùn, kó má ṣe hùmọ̀ tirẹ̀.

Ewu kejì kì í hàn nínú àwòrán kan; ìgbà tẹ́ ẹ bá to ṣọ́ọ̀tù pọ̀ ló ń jáde. Nínú ṣọ́ọ̀tù 7, ilẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà wà lápá òsì ìkòkò omi. Nínú ṣọ́ọ̀tù 9, ẹ̀rọ ti gbé e sí ọ̀tún, òjìji òpó tó ń lọ síwá tẹ́lẹ̀ sì ti ń lọ sẹ́yìn. Àwòrán méjèèjì dára bí ẹ bá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ kun 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó kun àgbàlá náà lẹ́ẹ̀kan, fífẹ̀, láti igun méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi ọwọ́ tún un ṣe títí ẹ ó fi gbà pé ilé náà nìyí, lẹ́yìn náà ẹ gé ṣọ́ọ̀tù yín jáde nínú rẹ̀. Ẹ sì rántí pé bí Ìjàpá bá máa gba ẹ̀yìn igi ọsàn kọjá, igi náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìpele tirẹ̀. Ẹ̀rọ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ ó gé e jáde, ẹ ó sì kun ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí yẹn wà lára iye tí ẹ̀rọ ń gbà, bí ẹni tó ń polówó rẹ̀ ò bá tilẹ̀ kà á kún un.

Sítórìbọ́ọ̀dù, èmi ò ní fún ẹ̀rọ láéláé, kì í sì í ṣe torí pé ó nira. Ó rọrùn jù láti fún un ni. Àwòrán ṣákálá kan kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìrísí ṣákálá rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá lè sọ pé kámẹ́rà jìnnà jù, pé ká má tíì rí ojú Ìjàpá. Ẹ gbé àwòrán tó ń dán gbinrin síwájú àwọn ènìyàn yìí kan náà, wọ́n á ní ó dára. Kò ní sí ẹni tó máa bi yín pé kí ni ṣọ́ọ̀tù náà ń ṣe níbẹ̀. Àwòrán òpó náà, ọwọ́ mi ló ń gbé, fún ìdí tí mo ti sọ nípa àkókò.

Ohùn kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Àlọ́ ní orin, orin ní ègbè, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nínú èdè wa kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ wá ọmọdé mẹ́rin àti àgbà kan. Ẹ̀rọ lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Rhubarb Lip Sync. Kì í hùmọ̀ àwòrán kankan. Ó kàn ń fetí sí ohùn tó wà nínú fáìlì, ó sì ń sọ irú ẹnu tó yẹ kó wà lójú ẹ̀dá yín ní ìṣẹ́jú àáyá wo. Lẹ́tà kan ló ń fi dúró fún ẹnu kọ̀ọ̀kan: A ni ètè tó pa dé, D ni ẹnu tó là gbàgà, F ni ètè tó ká jọ síwájú, X ni ti ẹni tó dákẹ́. Bẹ́ ẹ bá lò ó bó ṣe wà, Gẹ̀ẹ́sì ló máa gbìyànjú láti gbọ́ nínú ohùn ìyá àgbà. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ìró nìkan ni kó tẹ̀ lé:

```
rhubarb -r phonetic -f json -o enu.json ohun.wav
```

Lẹ́yìn èyí ẹ wo ibi tí ètè gbọ́dọ̀ pa dé. Nínú gbólóhùn bí "Ìjàpá gbé igbá," ẹ̀ẹ̀mẹta ni ètè pa dé: ní p, ní gb, àti ní gb kejì. P tiwa àti gb jẹ́ ìró tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ètò tí wọn kò kọ́ fún un lè gbọ́ ẹ̀yìn ahọ́n kó má gbọ́ ètè, yóò sì fi ẹnu tó là díẹ̀ sí ibi tó yẹ kí A wà. Ẹ ka A inú fáìlì náà. Bẹ́ ẹ bá rí méjì dípò mẹ́ta, ẹ fi ọwọ́ kọ ìkẹta sí i. Ọmọdé tó ń wo kátúùnù lè má mọ ohunkóhun nípa ìró, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ẹnu yẹn ò sọ gb.

Ohun kan kù tí kò sí lójú àwòrán. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ìwé kómíìkì kan tó ń jẹ́ Zarya of the Dawn. Wọ́n ní òǹkọ̀wé rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti bó ṣe to ojú ìwé, ṣùgbọ́n òfin ò dáàbò bo àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ Midjourney yà fún un. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n tún sọ pé kíkọ ọ̀rọ̀ àṣẹ nìkan fún ẹ̀rọ kò sọ ènìyàn di ẹni tó ni ohun tó jáde. Òfin Amẹ́ríkà kì í ṣe òfin Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta fíìmù sókè òkun, ibẹ̀ ni ìbéèrè ti máa bá a. Ìjàpá yín, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí, bí ojú rẹ̀ ṣe ń fi àrékérekè hàn, òun ni ẹnì kan máa fẹ́ tẹ̀ sára báàgì ọmọ ilé-ìwé lọ́jọ́ iwájú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló yà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má sí ohun tẹ́ ẹ máa fi dá ẹni náà dúró. Ẹ fi pẹ́ńsù yà á, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí ìwé náà, kẹ́ ẹ má sì jù ú nù. Ògiri agbo ilé tí ẹ̀rọ kùn ò tó ohun tí ẹnikẹ́ni máa jí.

Bí èmi ṣe máa pín fíìmù Ìjàpá yẹn nìyí: ìtàn, sítórìbọ́ọ̀dù, ìrísí àwọn ẹ̀dá, ohùn, òpó àti àárín orí ojú, tọwọ́ ni; àwọ̀ inú ìlà àti kíkun àgbàlá lórí ètò tí ọwọ́ ti yà, ti ẹ̀rọ ni; ẹnu tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ ṣe é, kí ọwọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ohun kan wà láàárín tí mi ò lè dá ẹjọ́ wọn láìdán wọn wò, bí àárín ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ ń gbé, tàbí èéfín orí àdògán. Èéfín ò ní iye, kò sí ẹni tó máa ka á, ó sì lè jẹ́ pé gbígbọ̀n rẹ̀ gan-an ló máa dára.

Bẹ́ ẹ bá máa dán an wò, ẹ má ṣe mú ṣọ́ọ̀tù tó rọrùn jù, nítorí pé òun ni gbogbo ẹ̀rọ máa ń ṣe dáadáa nígbà ìpolówó. Ẹ mú èyí tó le jù: ìyá àgbà tó ń yí orí, pẹ̀lú gèlè àti ilà, tí Ìjàpá ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi ọwọ́ yà á, kí ẹlòmíràn lo ẹ̀rọ, kí àwọn méjèèjì kọ wákàtí wọn sílẹ̀. Ẹni tó lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ wákàtí tó fi ń dúró, èyí tó fi ń yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀, àti èyí tó fi ń tún un ṣe, títí dìgbà tí ẹni tó fi ọwọ́ yà á bá gbà pé ṣọ́ọ̀tù méjèèjì lè jọ wà nínú fíìmù kan náà. Iye ìkẹta yẹn, ti títún-ṣe, ni kẹ́ ẹ wò jù. Bó bá ń dín kù láti ṣọ́ọ̀tù kan dé èkejì, ọwọ́ ti ń mọ ẹ̀rọ náà lò. Bó bá dúró sójú kan, tí ṣọ́ọ̀tù karùn-ún ṣì ń gba àtúnṣe bíi ti àkọ́kọ́, ẹ gbé ìpele náà padà fún ẹni tó ń yà á kí ẹ tó dé ìkẹfà.